Àwòrán àwọn olùbánisọ̀rọ̀ ń dà bí ẹyin nínú sáláìdì, òbìrí ni mo fẹ́

Ọmọ Alágbàká, ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó tí bàbá mi wà nínú rẹ̀ fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan níbí ní Àkúrẹ́, èmi ni wọ́n sì ní kí n bá wọn to sáláìdì. Èèyàn mẹ́rin ló máa sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nínú òbìrí lápá òsì, kí orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún.

PowerPoint ni mo ń lò lórí láptọ́ọ̀pù Windows. Mo tẹ àwòrán náà, mo lọ sí `Picture Format`, mo tẹ ọfà kékeré tó wà lábẹ́ `Crop`, mo yan `Crop to Shape`, mo wá mú `Oval`. Ó gé e lóòótọ́, àmọ́ ẹyin ló dà, ẹyin tó dúró lórí ìdí. Ti màmá tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń sá kòkó ló burú jù. Fọ́tò wọn ga, wọ́n sì wé gèlè tó fẹ̀ dáadáa. Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?

Ìyá Ìbejì Oǹdó, 8:31 àárọ̀

Káàárọ̀, ọmọ mi. Kò le rárá. Fi àwòrán màmá náà sí Wásáàpù bí ẹni fẹ́ fi ṣe àwòrán ara ẹni, òun fúnra rẹ̀ á sọ ọ́ di róbótó. Lẹ́yìn náà, ya ojú fóònù rẹ, kí o fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe ṣe ti àwọn ìbejì mi nìyẹn nígbà ọjọ́ ìbí wọn.

Tísà Òkè-Àró, 8:52 àárọ̀

Ìṣòro rẹ ò ju pé gíga rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Tẹ ọ̀tún máòsì lórí àwòrán náà, yan `Size and Position`, yọ àmì tó wà nínú `Lock aspect ratio`, kí o kọ 6 cm sí `Height`, kí o kọ 6 cm sí `Width`. Ó parí.

Ọmọ Alágbàká, 9:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, sà.

Ìyá Ìbejì, mo gbìyànjú ti Wásáàpù. Èyí tó rí róbótó nínú àkójọ kéré gan-an. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ kó lè tóbi, ó tún padà di onígun mẹ́rin.

Tísà, mo ṣe ohun tí ẹ sọ, ó sì di òbìrí lóòótọ́. Àmọ́ ojú màmá fẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn. Gèlè wọn náà fẹ̀ sí i, ó sì kúrú. Mi ò lè gbé e síwájú wọn bẹ́ẹ̀.

Atẹ̀wé Arákalẹ̀, 10:05 àárọ̀

Ọmọ Alágbàká, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ló kù. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ nìyí, ètò ìsìnkú, ètò ìgbéyàwó, sáláìdì ìpàdé, nítorí náà jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé rẹ̀.

`Oval` kò mọ̀ pé òbìrí lo fẹ́. Fèrèsé tí àwòrán rẹ ní ló ń tẹ̀ lé. Bí fèrèsé náà bá ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, ẹyin ni yóò bá ọ fà sínú rẹ̀. Bó bá dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, lókè nílẹ̀, òbìrí ni yóò fà. Fèrèsé náà lo fẹ́ tún ṣe, kì í ṣe àwòrán tó wà nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ Tísà ti yẹ̀ díẹ̀ nìyẹn: òótọ́ ni pé gíga àti fífẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, àmọ́ bí a bá yọ `Lock aspect ratio` tí a sì kọ 6 àti 6, fèrèsé àti ojú èèyàn la jọ fà pọ̀.

Kọ́kọ́ tẹ `Reset Picture & Size` nínú `Picture Format` kí ojú màmá lè padà sí bó ṣe wà. Tún mú `Crop to Shape`, `Oval`, bí o ti ṣe tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, padà sórí ọfà abẹ́ `Crop` kan náà, yan `Aspect Ratio`, kí o mú `1:1`. Lójú ẹsẹ̀ ni wàá rí i tí ẹyin náà di òbìrí, ojú ò sì ní fẹ̀, torí pé gígé ló gé òkè àti ìsàlẹ̀ kúrò, kò fa nǹkan kan.

Má tíì tẹ ibòmíràn. Wàá rí i pé apá tó gé kúrò ṣì ń hàn fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn, pẹ̀lú àmì dúdú dúdú létí fèrèsé náà àti àmì funfun róbótó létí àwòrán. Àmì dúdú ń mú fèrèsé tóbi tàbí kéré. Àmì funfun tó wà ní igun ń mú àwòrán tó wà lẹ́yìn fèrèsé tóbi tàbí kéré. Bí o bá sì fi máòsì di àárín àwòrán mú, o lè sún un sókè sódò títí ojú á fi bọ́ sáàárín. Àárín fọ́tò ni kọ̀ǹpútà máa ń gé sí, àmọ́ nínú fọ́tò tó ga, orí èèyàn kì í sí láàárín, àyà ló máa ń wà níbẹ̀. Fa àwòrán náà wálẹ̀ kí orí lè wọlé. Bó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, tẹ `Esc`.

Ìgbà yìí gan-an ni wàá wá kọ 6 cm, pẹ̀lú `Lock aspect ratio` nípò rẹ̀. Bí o bá ṣe kọ ọ́ sí `Height`, `Width` á tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Bí ó bá di 6 lóòótọ́, òbìrí ni. Bó bá kọ 5.9, ọwọ́ rẹ ti kan àmì dúdú kan lẹ́yìn tí o mú `1:1`. Tún `1:1` náà mú.

Tísà Òkè-Àró, 10:40 àárọ̀

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Mo ti ń ṣe é bí mo ṣe sọ yẹn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti ọdún yìí wá, mi ò sì mọ̀ pé ojú wọn ń fẹ̀. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni mo máa ń lò, bóyá ìyẹn ni kò jẹ́ kó hàn sí mi.

Atẹ̀wé Arákalẹ̀, 10:47 àárọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Fífẹ̀ pásípọ́ọ̀tù kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí gíga rẹ̀, torí náà fífà rẹ̀ kì í pọ̀. Fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà ní òró ló máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Àbúrò Ọ̀bà-Ilé, 11:16 àárọ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Google Slides ni wọ́n ń lò ní ilé-ìwé wa, mi ò rí `Crop to Shape` níbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ àpapọ̀ la fẹ́ gbé síwájú kíláàsì lọ́jọ́rú. Ṣé ẹ lè bá mi wò ó?

Atẹ̀wé Arákalẹ̀, 11:30 àárọ̀

Tẹ àwòrán náà, wo òkè níbi àmì `Crop`. Ọfà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, `Mask image` ni wọ́n ń pè é. Tẹ̀ ẹ́, yan `Shapes`, kí o mú òbìrí tó wà níbẹ̀. Ìṣòro ẹyin yìí kan náà á bá ọ níbẹ̀ bí fọ́tò bá ga. Ohun tó rọrùn jù ni pé kí o ti gé fọ́tò náà dọ́gba lójú fóònù rẹ, 1:1, kí o tó gbé e wọlé. Bó bá sì ti wọlé tán, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra láti sún ojú sáàárín.

Ọmọ Alágbàká, 12:58 ọ̀sán

Ọ̀gá Atẹ̀wé, ẹ ṣeun púpọ̀! Àwọn bàbá mẹ́ta ti bọ́ sí i, ó dára gan-an. Gèlè màmá ló kù. Bí mo bá mú gbogbo fífẹ̀ fọ́tò náà, òbìrí ń gé etí gèlè lọ́tùn-ún àti lósì. Bí mo bá fà á wálẹ̀ sí i, àyè tí kò ní àwòrán á yọ lókè. Ṣé kí n kàn jẹ́ kó gé e?

Ayàwòrán Ìjàpọ̀, 1:25 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé gèlè màmá. Ẹni tó wé gèlè bẹ́ẹ̀ kó tó wá ya fọ́tò fẹ́ kí wọ́n rí i. Láti ilé fọ́tò ni mo ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀.

Nínú onígun mẹ́rin, gbogbo òkè ló fẹ̀ bákan náà. Òbìrí kò rí bẹ́ẹ̀. Ká pín gíga rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá. Bí o bá sọ̀kalẹ̀ ìdá kan láti orí, fífẹ̀ òbìrí níbẹ̀ ò ju ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá lọ. Bí o bá sọ̀kalẹ̀ ìdá méjì, ó di ìdá mẹ́jọ. Ó dìgbà tí o bá dé àárín kó tó fẹ̀ tán. Èèyàn tí kò wé nǹkan kan sórí, orí rẹ̀ rọra kákò lókè bí òbìrí náà ṣe kákò, nǹkan kan ò ní gé e. Gèlè kò kákò, òkè gan-an ló ti ń na ìyẹ́. Ibi tí òbìrí ti há jù ni gèlè ti fẹ̀ jù. Fìlà abetí ajá náà ń jìyà rẹ̀ bí wọ́n bá na etí rẹ̀ síta.

Nítorí náà, ìyẹ́ gèlè gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀, kí gbogbo orí sì kéré sí i nínú òbìrí. Bí ìyẹ́ gèlè bá wà ní ìdá méjì láti òkè, fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìdá mẹ́jọ. Bí mo bá mọ̀ pé inú òbìrí ni fọ́tò ń lọ, mo máa ń sún sẹ́yìn kí n tó yà á, kí ògiri tó pọ̀ lè wà lórí gèlè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ayàwòrán ti màmá bá ṣì ní ògidì fọ́tò náà lọ́wọ́, bi í bóyá ó ti gé e. Ó ṣeé ṣe kí èyí tó fi ránṣẹ́ jẹ́ èyí tó ti gé tán. Kó sì fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù bíi dọ́kúméǹtì, kì í ṣe bíi fọ́tò, kí ó má baà fún un pọ̀.

Ọmọ Alágbàká, 2:10 ọ̀sán

Mo ti pe ayàwòrán náà, sà. Ó ní fọ́tò ọdún tó kọjá ni, òun ti pa á rẹ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi fẹ̀ tó 1200 píksẹ́lì, ó sì ga tó 1600. Ògiri búlúù ló wà lẹ́yìn wọn.

Atẹ̀wé Arákalẹ̀, 2:48 ọ̀sán

Ògiri búlúù yẹn máa gbà wá. Mo gbé fọ́tò tó ṣe é wé tìrẹ síwájú mi kí n lè bá ọ rìn ín.

Nígbà tó o mú `1:1`, 1200 lọ́nà 1200 ló ṣẹ́ kù, wọ́n gé 200 lókè, wọ́n gé 200 nísàlẹ̀. O fa àwòrán wálẹ̀, òkè padà wọlé, àmọ́ ìyẹ́ gèlè ṣì ń kan etí òbìrí. Padà sínú `Crop`. Di àmì funfun róbótó tó wà ní igun kan mú, kí o fà á sínú títí àwòrán á fi kéré sí bí ìdá mẹ́jọ ààbọ̀ nínú mẹ́wàá bó ṣe wà. Sún un títí gèlè á fi wà láàárín, kí àyè díẹ̀ kù lórí rẹ̀. Fèrèsé òbìrí kò yí padà, àwòrán nìkan ló kéré. Wàá rí òfo díẹ̀ lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Má bẹ̀rù rẹ̀. Tẹ `Esc`.

Tẹ ọ̀tún máòsì, yan `Format Picture`, lọ sí ibi tí wọ́n ya ike àwọ̀ sí, ṣí `Fill`, mú `Solid fill`. Nínú àpótí àwọ̀, yan `Eyedropper`, kí o fi tẹ ògiri búlúù náà níbi tó súnmọ́ etí fọ́tò. Àwọ̀ náà á kún gbogbo òfo, òbìrí á pé, gèlè á sì wọlé pátá.

Ibi tó ti lè kọ̀ fún ọ ni bí ògiri náà kò bá ní àwọ̀ kan náà. Ilé fọ́tò púpọ̀ máa ń tan iná sí àárín ògiri, etí rẹ̀ á wá ṣókùnkùn díẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wàá rí ìlà tín-ín-rín níbi tí fọ́tò parí sí. Tẹ ògiri lápá òkè, torí òkè ni ojú àwọn èèyàn máa kọ́kọ́ lọ, kí o sì sún sẹ́yìn dé ibi tí àwọn tó jókòó máa wà kó o tó pinnu pé kò dára. Lórí òbìrí 6 cm, ìlà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Ní ti 1200 píksẹ́lì, ó tó, ó tún ṣẹ́ kù. Sáláìdì tó fẹ̀ ní ìwọ̀n tuntun fẹ̀ tó 33.87 cm. Bí ojú ìbòjú bá ní 1920 píksẹ́lì ní fífẹ̀, òbìrí 6 cm kò gbà ju bíi 340 lọ.

Tísà Òkè-Àró, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi kún un, ó dùn mí gan-an. Lọ́dún kan, mo gé ojú ẹnì kan jáde nínú fọ́tò ìsìnkú tí àwa mélòó kan jọ yà, mo fi sínú òbìrí, mo fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó. Ẹnìkan níbẹ̀ tẹ àwòrán náà, ó dá a padà sí bó ṣe wà, gbogbo wa sì tún yọ, àti àwọn tó ń sunkún lẹ́yìn. Wọ́n pín in kiri. Ohun tí a gé kì í kúrò nínú fáìlì, ó kàn fara pamọ́ ni.

Atẹ̀wé Arákalẹ̀, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Ọmọ Alágbàká, bí o bá fẹ́ fi fáìlì náà fún ẹlòmíràn, kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà kan pa mọ́ fún ara rẹ. Nínú èyí tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, tẹ àwòrán kan, lọ sí `Compress Pictures`, jẹ́ kí àmì wà nínú `Delete cropped areas of pictures`, kí o yọ àmì inú `Apply only to this picture` kó lè kan gbogbo wọn, kí o sì tọ́jú fáìlì náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè fa ohun tó wà níta fèrèsé padà, àmọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí òbìrí fi pamọ́ ṣì wà nínú fáìlì, ìwọ náà ò sì ní lè sún ojú kiri mọ́. Ìdí tí mo fi ní kó o tọ́jú ẹ̀dà nìyẹn.

Ọ̀nà kan tún wà bí irú iṣẹ́ báyìí bá máa ń bọ̀ sọ́wọ́ rẹ lóòrèkóòrè. Lọ sí `View`, `Slide Master`, fi `Insert Placeholder` fa àyè `Picture` kan, lọ sí `Shape Format`, `Edit Shape`, `Change Shape`, mú `Oval`, kọ 6 àti 6 sí ìwọ̀n rẹ̀. Àyè ṣì ṣófo, kò sí ojú tí wàá fà. Láti ìgbà náà, fọ́tò yòówù tí o bá jù sínú àyè náà á gé ara rẹ̀ sí òbìrí láì fẹ̀, wàá kàn sún ojú sáàárín ni.

Ọmọ Alágbàká, ọjọ́rú, 6:37 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Gèlè màmá ti wọlé! Mo fi hàn wọ́n lónìí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní Oǹdó. Ìlà tín-ín-rín náà wà lápá ọ̀tún, àmọ́ èmi nìkan ni mo ń rí i.

Nǹkan tuntun ti yọjú. Mo lọ dán an wò ní gbọ̀ngàn lónìí. Lójú láptọ́ọ̀pù mi, òbìrí gidi ni gbogbo wọn. Lára ògiri gbọ̀ngàn, ẹyin tó dùbúlẹ̀ ni. Ṣé mo tún ti ba nǹkan jẹ́ ni?

Ayàwòrán Ìjàpọ̀, 7:02 alẹ́

Wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ṣé lẹ́tà náà fẹ̀ pẹ̀lú?

Ọmọ Alágbàká, 7:09 alẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó fẹ̀. Mo rò pé ògiri ló fà á.

Atẹ̀wé Arákalẹ̀, 7:33 alẹ́

Bí lẹ́tà náà bá fẹ̀, a jẹ́ pé ọwọ́ rẹ mọ́. Tẹ àwòrán kan kó o wo ìwọ̀n rẹ̀. Bó bá ṣì jẹ́ 6 àti 6, fáìlì kò ní àléébù, pùròjẹ́kítọ̀ ló ń na gbogbo rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n tí láptọ́ọ̀pù rẹ ń fi ránṣẹ́ àti èyí tí pùròjẹ́kítọ̀ ń gbé jáde kò bára mu. Wá `Aspect` nínú ètò pùròjẹ́kítọ̀ náà, kí o gbé e sí `Auto`. Bí o bá sì rí i pé kò ṣeé yí padà, tẹ ọ̀tún máòsì lójú láptọ́ọ̀pù, `Display settings`, kí o dán ìwọ̀n mìíràn wò nígbà tí wáyà ṣì wà lára rẹ̀.

Tísà Òkè-Àró, 7:50 alẹ́

Ṣé kò ní rọrùn kó kàn sọ òbìrí náà di ẹyin tó dúró nínú fáìlì, kí ògiri lè nà án padà?

Atẹ̀wé Arákalẹ̀, 7:58 alẹ́

Á ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn nìkan, sà, bó bá jẹ́ pé ojú náà la fún pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá wá ṣí fáìlì náà nílé á rí ojú tó há. Èmi ò ní ṣe é.

Ọmọ Alágbàká, 8:15 alẹ́

Ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà ní kí n má fọwọ́ kan pùròjẹ́kítọ̀ àwọn, pé bó ṣe wà nìyẹn látìgbà tí wọ́n ti gbé e kọ́. Láptọ́ọ̀pù ni mo máa kọ́kọ́ yí lọ́la, ó ní kí n wá ní aago mẹ́wàá. Màá padà wá sọ èyí tó ṣiṣẹ́.